Kíka ìyípo aago nínú lúùpù ìdádúró: bí a ṣe ń rí mílísẹ́kọ́ǹdì 1 gan-an lórí ATmega328P

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń fi Asẹ́mbílì kọ ètò fún Arduino Uno, mo sì fẹ́ ìdádúró tí yóò jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 1 gan-an. Aago bọ́ọ̀dù náà jẹ́ mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 16, nítorí náà mo mú 64 lọ́nà 250, ó sì fún mi ní 16,000. Mo ń pe ìdádúró yìí ní ìgbà 500 kí iná pínnì 13 tó yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, ìyípadà 20 gba ìṣẹ́jú-àáyá 30 dípò 10. Kí ni mo ṣì kà, báwo ni a sì ṣe ń kà á?

```
delay1ms:
    ldi  r16, 64
outer:
    ldi  r17, 250
inner:
    dec  r17
    brne inner
    dec  r16
    brne outer
    ret
```

Ìdáhùn: Aago fóònù yín ti fi ibi tí àṣìṣe náà wà hàn yín. Ohun tí ó yẹ kí ó gba 10 gba 30, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta gẹ́lẹ́, iye ìyípo aago tí lúùpù inú yín sì ń jẹ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Ìṣirò 64 lọ́nà 250 tí ẹ ṣe tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí lúùpù inú ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó kù ni láti mọ iye tí ìgbà kọ̀ọ̀kan ń ná ẹ̀rọ, kí a sì fi iye tí àwọn ìlà òde ń ná kún un. Nínú àlàyé yìí, tí mo bá sọ pé «ìyípo», ìyípo aago ni mo ń sọ; tí mo bá sọ pé «ìgbà», mo ń sọ iye ìgbà tí lúùpù ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn mọ́.

Pẹ̀lú aago mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 16, ìyípo 16,000,000 ni ó ń wáyé nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyípo 16,000 ni ó para pọ̀ di mílísẹ́kọ́ǹdì 1, ìyípo 16 sì ni máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1. Ìwé àlàyé tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde ní àtẹ kan ní apá ìparí rẹ̀, níbi tí wọ́n to gbogbo àṣẹ sí pẹ̀lú iye ìyípo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nínú àtẹ yẹn, `ldi` ń gba ìyípo 1, `dec` ń gba 1, `nop` ń gba 1, `rcall` ń gba 3, `ret` sì ń gba 4. Nínú àwọn àṣẹ tí ẹ lò, `brne` nìkan ni ẹ máa rí pé wọ́n kọ iye méjì síwájú rẹ̀, 1 tàbí 2, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń ṣìnà.

Ìdí tí `brne` fi ní iye méjì ni pé bí ẹ̀rọ AVR ti ń ṣe àṣẹ kan lọ́wọ́, ó ti ń gbé àṣẹ tó tẹ̀ lé e jáde láti inú ìrántí. Tí rẹ́jísítà bá ti di òdo, `brne` kò ní fò padà, àṣẹ tí ẹ̀rọ ti gbé sílẹ̀ náà sì ni ó máa ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyípo 1 ni ó ná an. Ṣùgbọ́n tí rẹ́jísítà kò bá tíì di òdo, ẹ̀rọ ní láti fò padà sókè, àṣẹ tí ó ti gbé sílẹ̀ kò wúlò fún un mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ lọ gbé òmíràn. Ìyípo 2 nìyẹn. Nínú lúùpù tí ó bá ṣiṣẹ́ ní ìgbà N, `brne` máa fò padà ní ìgbà N − 1, kò sì ní fò ní ìgbà tó kẹ́yìn nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka lúùpù inú yín bí ó ti yẹ. `ldi r17, 250` ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀: ìyípo 1. `dec` ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 250: ìyípo 250. `brne` ń fò padà ní ìgbà 249, èyí tí í ṣe ìyípo 498, ó sì kọjá lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ìyípo 1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 499. Tí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 1 àti 250 àti 499, a óò rí 750 gẹ́lẹ́. Ìyípo 1 tí `ldi` ná ni ó dí ìyípo 1 tí `brne` ìkẹyìn dín kù, ìdí nìyí tí lúùpù kékeré irú èyí fi máa ń jẹ́ 3 lọ́nà N láìsí àjẹkù. Ẹ há ìlànà yìí sórí, nítorí pé ẹ óò máa pàdé rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ mú 750 yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹrù kan ṣoṣo tí lúùpù òde ń gbé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, lúùpù òde ń ná 750, ó ń ná ìyípo 1 fún `dec r16`, ó sì ń ná 2 fún `brne outer`, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 753. Ìgbà 64 ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà 64 lọ́nà 753 jẹ́ 48,192. Ẹ yọ 1 kúrò nítorí `brne` tó kẹ́yìn, kí ẹ sì dá 1 padà nítorí `ldi r16`, a tún padà sí 48,192. Lẹ́yìn èyí ni `rcall` tí ẹ fi pè é, ìyípo 3, àti `ret` tí ó fi padà, ìyípo 4. Gbogbo rẹ̀ di ìyípo 48,199. Tí ẹ bá fi 16,000 pín in, ó jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 3.012, ìgbà 500 irú rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1.506. Ìyípadà 20 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 30.12, èyí tí ó bá ohun tí ẹ rí lórí fóònù yín mu. Inú mi dùn pé ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó béèrè, nítorí pé iye yẹn ni ó jẹ́ kí a mọ̀ dájú pé aago bọ́ọ̀dù yín kò ní àbùkù.

Ẹnìkan lè ní kí ẹ kàn dín 64 kù sí 21, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó máa sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní bá a: 21 lọ́nà 753 jẹ́ 15,813, tí a bá sì fi 7 ti `rcall` àti `ret` kún un, ó di 15,820. Ìyípo 180 ṣì kù, ẹ óò sì tún ní láti kọ lúùpù kẹta kí ẹ tó lè dí àlàfo yẹn. Rẹ́jísítà kan ṣoṣo kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí bíìtì 8 ni ó ní. Iye ìgbà tó pọ̀ jù tí ó lè kà jẹ́ 256, èyí tí ẹ máa rí tí ẹ bá fi 0 sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: `dec` àkọ́kọ́ máa sọ 0 di 255, lúùpù á sì máa lọ títí yóò fi padà dé òdo. 256 lọ́nà 3 jẹ́ ìyípo 768, ìyẹn máíkírósẹ́kọ́ǹdì 48 péré.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún mílísẹ́kọ́ǹdì 1 ni àṣẹ `sbiw`, tí ó máa ń yọ iye kúrò nínú rẹ́jísítà méjì tí a so pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo oníbíìtì 16 ni wọ́n. Ìyípo 2 ni ó ń gbà. Méjì méjì tí ó lè bá ṣiṣẹ́ kò ju mẹ́rin lọ: èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti r24, r26, r28 tàbí r30. Níbí, kò sí lúùpù inú lúùpù tí yóò da kíkà rú:

```
delay1ms:
    ldi  r24, lo8(3998)
    ldi  r25, hi8(3998)
again:
    sbiw r24, 1
    brne again
    ret
```

Bí mo ṣe rí 3998 nìyí. Mo kọ́kọ́ pe iye ìgbà ní N, mo sì kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀. `rcall` jẹ́ 3, `ldi` méjèèjì jẹ́ 2, `sbiw` jẹ́ 2N, `brne` jẹ́ 2N − 1, `ret` jẹ́ 4. Àpapọ̀ wọn ni:

```
3 + 2 + 2N + (2N - 1) + 4 = 4N + 8
4N + 8 = 16000
N = 3998
```

Ó bọ́ sí i láìsí ìdá kankan. Ìgbà mìíràn wà tí kò ní bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, tí ìyípo 1, 2 tàbí 3 yóò ṣẹ́kù. Nígbà náà, ẹ fi `nop` kún un lẹ́yìn `brne`, kí ó tó kan `ret`. Ẹ má fi í sáàárín `again` àti `brne`, nítorí pé `nop` kan tí ó bá wà nínú lúùpù yóò di ìyípo 3,998. Tí ẹ bá fẹ́ ìyípo 2 pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo, `rjmp` tí ó fò sí ìlà tó tẹ̀ lé e máa fún yín. Kíkọ `lo8` àti `hi8` jẹ́ ti asẹ́mbílà tí ó bá avr-gcc wá. Tí ẹ bá ń lo asẹ́mbílà Microchip, `low` àti `high` ni ẹ máa kọ.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ kí ẹ tó pe abala yìí ní ìgbà 500. Rẹ́jísítà kan ṣoṣo kò lè ka 500, nítorí náà ẹ óò tún lo `sbiw` níbi tí ẹ ti ń pè é. Tí ẹ bá lo r24 níbẹ̀ pẹ̀lú, iná náà kò ní yí padà mọ́ láéláé. Nígbà tí `delay1ms` bá parí, òdo ni ó máa fi sílẹ̀ nínú r24 àti r25. `sbiw` tiyín yóò wá yọ 1 kúrò nínú òdo, yóò di 65,535, `brne` yóò sì tún fò padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí lọ. Mo ti rí ẹni tí ó fi odidi ọjọ́ kan pààrọ̀ wáyà àti bọ́ọ̀dù nítorí àṣìṣe yìí, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe wáyà. Rẹ́jísítà mìíràn ni kí ẹ lò:

```
    ldi  r26, lo8(500)
    ldi  r27, hi8(500)
wait:
    rcall delay1ms
    sbiw r26, 1
    brne wait
```

Lúùpù yìí pẹ̀lú ń náwó. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, `sbiw` àti `brne` rẹ̀ fi ìyípo 4 kún 16,000, ó sì di 16,004. Tí a bá kà á tán pẹ̀lú `ldi` méjèèjì, 500 lọ́nà 16,004 àti 1 jẹ́ 8,002,001, nígbà tí ó jẹ́ pé 8,000,000 ni ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyípo 2,001 ni ó fi lé, ìyẹn máíkírósẹ́kọ́ǹdì 125. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò gba nǹkan kan: nítorí pé lúùpù inú ń ná 4 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá sọ 3998 di 3997, `delay1ms` yóò di 15,996, 4 ti òde yóò sì sọ ọ́ di 16,000 padà. Àpapọ̀ yóò wá jẹ́ 8,000,001. Kí ẹ tó pinnu N, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a ó ti máa pe ìdádúró náà, kí ìnáwó ẹni tó ń pè é wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aago fóònù kò tó láti fi yẹ iṣẹ́ yìí wò. Ọ̀nà kan ni símúlétọ̀ tó wà nínú Microchip Studio: ẹ fi ibi ìdúró kan sí orí ìlà `rcall`, kí ẹ fi òmíràn sí ìlà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wo `Cycle Counter` nínú fèrèsé `Processor Status` ní ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Pẹ̀lú N tó jẹ́ 3998, 16,000 ni ẹ gbọ́dọ̀ rí, láìlé, láìdín. Tí ó bá fi 7 lé, ẹ ti gbàgbé `rcall` àti `ret` nínú ìṣirò yín. Tí ó bá fi 1 lé tàbí dín, ẹ padà lọ wo `brne` ìkẹyìn.

Ọ̀nà kejì wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, mítà tí ó lè ka hẹ́ẹ̀tì sì tó fún un. Lórí ATmega328P, tí a bá kọ 1 sí bíìtì kan nínú `PINB`, pínnì náà máa yí padà láti òkè sí ìsàlẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ sí òkè, nítorí náà `sbi` kan ṣoṣo ti tó:

```
    sbi  0x04, 5
flip:
    sbi  0x03, 5
    rcall delay1ms
    rjmp flip
```

`0x04` ni `DDRB`, tí ó sọ pínnì di ọ̀nà ìjáde. `0x03` ni `PINB`. Bíìtì 5 sì ni pínnì 13. `sbi` ń gba ìyípo 2, `rjmp` ń gba 2, àfikún 4 kan náà tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Ìyípadà méjì ni ó para pọ̀ di ìgbì kan. Pẹ̀lú 3998, ìgbì kan gba ìyípo 32,008, mítà yẹ kí ó ka hẹ́ẹ̀tì 499.875, pẹ̀lú 3997, ó yẹ kí ó ka 500. Tí ẹ bá fi `delay1ms` àtijọ́ yín síbẹ̀, nǹkan bíi hẹ́ẹ̀tì 166 ni ẹ óò rí.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí mítà yín ka 499 tàbí 501 pẹ̀lú ìṣirò tí kò ní àléébù kankan. Ohun tí ń fún ATmega328P orí Arduino Uno R3 ní aago ni rẹ́sónétọ̀ sẹ́rámíìkì, tí kò péye tó kírísítálì. Kírísítálì tí ẹ ń rí lórí bọ́ọ̀dù náà jẹ́ ti ẹ̀rọ kékeré kejì tí ó ń bójú tó okùn USB. Rẹ́sónétọ̀ yẹn lè fi ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 16, nítorí náà ibikíbi láàárín hẹ́ẹ̀tì 497.5 sí 502.5 ṣì wà nínú ààlà rẹ̀. Ní odidi ọjọ́ kan, ìdá 0.5 yẹn lè tó ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12. Kíka ìyípo ń fún yín ní iye ìyípo tó péye, kò lè mú kí ìyípo fúnra rẹ̀ gùn tó bí ó ti yẹ. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ aago tí yóò máa sọ àkókò, kírísítálì ni ẹ nílò, `nop` kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó ń ba kíkà jẹ́ ni ìdílọ́wọ́. Tí ètò yín bá jẹ́ Asẹ́mbílì láti òkè délẹ̀, tí ẹ kò sì ṣí ìdílọ́wọ́ kankan sílẹ̀, ẹ kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ki lúùpù yìí bọ inú ètò Arduino tí a fi C kọ, tamà 0 tí `millis` ń lò máa dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìyípo 16,384, ìyẹn máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1,024. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìdádúró mílísẹ́kọ́ǹdì 1 yín ni yóò pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àkókò tí ẹ̀rọ bá sì lò níbẹ̀ yóò gùn ún. Àmì rẹ̀ ni pé iye tí ẹ ń rí lórí ọsilosíkóòpù kò ní dúró sójú kan, nígbà tí àṣìṣe ìṣirò máa ń fún yín ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà. `cli` ṣáájú ìdádúró àti `sei` lẹ́yìn rẹ̀ lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún ìdádúró gígùn bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí pé `millis` yóò pàdánù gbogbo ohun tó yẹ kí ó kà ní àkókò náà. Fún irú ìdádúró gígùn bẹ́ẹ̀, tamà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ka àkókò. Ibi tí lúùpù ti dára jù lójú tèmi ni ìdádúró kúkúrú, bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì mélòó kan tí ojú ìwé àwọn sẹ́ńsọ̀ ń béèrè láàárín àmì kan àti òmíràn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lórí bọ́ọ̀dù Uno tí ẹ ra ATmega328P lásán, ètò kan náà yìí máa lọ́ra ní ìlọ́po 16. Ẹ̀rọ tuntun láti ilé iṣẹ́ ń lo aago inú rẹ̀ tí í ṣe mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 8, fúúsì `CKDIV8` sì ń fi 8 pín in, ó wá ku mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 1. Mítà yóò ka hẹ́ẹ̀tì 31.25 dípò 500. Tí ẹ bá ti yí fúúsì yẹn padà láìso kírísítálì mọ́ ọn, yóò ka 250. Nítorí náà, tí ohun tí ẹ wọ̀n bá jìnnà sí ohun tí ẹ ṣírò, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kan pín èkejì. Tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 2, 8 tàbí 16, ẹ kọ́kọ́ yẹ orísun aago àti àwọn fúúsì wò. Tí ó bá sún mọ́ 3, bíi tiyín yìí, ẹ padà sí àtẹ àwọn àṣẹ, kí ẹ ka lúùpù inú lẹ́ẹ̀kan sí i.